Háàdì Dísìkì Tó Ń Dún Kọ́-kọ́-kọ́

Bí háàdì dísìkì bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà pé nǹkan kan ti ṣẹ́ sínú rẹ̀, pé ohun tó ṣẹ́ náà ló ń lu ara. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ ohun tí ìró yẹn ń sọ gan-an ni pé háàdì náà ń wá nǹkan kan lójú àwo rẹ̀, kò rí i, ó ń padà sẹ́yìn, ó sì tún ń lọ wá a. Ẹni tí ohun tó ń wá yìí bá yé á mọ ìdí tó fi yẹ kí òun tètè yọ wáyà, á sì mọ ìgbà tí gbígbìyànjú ṣì lè mú nǹkan jáde.

Àwo pẹlẹbẹ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú háàdì. Gíláàsì tàbí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi nǹkan tín-ín-rín tó ń gba agbára òòfà bo ojú rẹ̀. Ojú yìí ni fọ́tò, orin, ìwé ìṣirò owó àti gbogbo ohun tí a fi pamọ́ wà. Mọ́tò kékeré kan ló ń yí àwo náà, ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ háàdì kékeré tí à ń gbé kiri, ìgbà 7,200 nínú ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló na orí akàwé sójú àwo. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ lè fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ orí yìí, àfi ohun kan: abẹ́rẹ́ a máa fara kan rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n orí akàwé kò gbọdọ̀ fara kan ojú àwo tó ń yí. Afẹ́fẹ́ tí àwo ń fẹ́ bó ṣe ń yí ló gbé e dúró, àlàfo tó sì wà láàárín wọn kò ju nánómítà mélòó kan lọ. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí nánómítà 80,000. Èyí túmọ̀ sí pé eruku tí ojú wa kò rí tóbi púpọ̀ ju àlàfo tí orí náà ń gbà kọjá.

Nígbà tí iná bá wọ háàdì, àwo á kọ́kọ́ yí títí á fi dé ìwọ̀n eré rẹ̀. Orí akàwé á wá kúrò níbi ìsinmi rẹ̀, á bọ́ sójú àwo, á sì máa wá àwọn àmì tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kọ síbẹ̀, èyí tó fi ń mọ ibi tó wà. Bó bá ti rí wọn, á lọ sí apá kan tí oníkọ̀ǹpútà kì í rí rárá. Ibẹ̀ ni ìlànà iṣẹ́ háàdì náà wà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ lójú àwo. Ìgbà tó bá ka ìlànà yìí tán ló tó lè dá kọ̀ǹpútà lóhùn, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó. Bí kò bá rí àmì, tàbí tó rí àmì ṣùgbọ́n tí kò lè ka ìlànà, apá á fà á padà kíákíá, á lu ohun tó dá a dúró, á sì tún jáde. Ìlù yẹn ni à ń gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ọ̀pọ̀ háàdì á dá mọ́tò dúró fúnra wọn.

Nítorí náà, háàdì tó ń dún kọ́-kọ́ àti háàdì tí kọ̀ǹpútà kò dá mọ̀ sábà máa ń jẹ́ àìsàn kan náà. Ó lè jẹ́ pé orí akàwé ti kú tàbí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ibi tí ìlànà iṣẹ́ wà ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ háàdì. Ó sì lè jẹ́ pé iná tó ń wọlé kò tó. Nínú gbogbo rẹ̀, ti iná nìkan ni ẹni tó wà nílé lè fọwọ́ ara rẹ̀ yanjú, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ òun la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Háàdì kékeré tó ń gba iná láti inú USB nílò iná púpọ̀ jù lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tí àwo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sì lè tó áḿpíà kan. Ojú USB àtijọ́, USB 2, ìdajì áḿpíà ni ìlànà fún un láyè láti fi sílẹ̀. USB 3 gbé e dé 0.9. Bí wáyà bá wá gùn, tàbí tó ti gbó, tàbí tí ẹ fi háàdì sí ojú USB iwájú kọ̀ǹpútà tàbí sí ẹ̀rọ tó ń pín USB kan sí mẹ́rin, mọ́tò lè gbìyànjú kó yí kó má lè dé eré rẹ̀. Irú èyí náà máa ń dún kọ́-kọ́. Ẹ wá wáyà kúkúrú tó dára, ẹ fi í sí ojú USB tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, tàbí sí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá jẹ́ iná ni, ìró náà á dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá dákẹ́ níbi méjì tí iná ti tó, kì í ṣe iná, ẹ má sì gbé e lọ sí ibi kẹta.

Háàdì ńlá tó ní àdápítà tirẹ̀ ní wàhálà mìíràn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín wa nítorí pé ṣájà kún ilé. Fóòtì 12 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Fóòtì 19 ni ọ̀pọ̀ ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká ń fi jáde, ẹnu ṣájà ọ̀hún sì lè wọ ojú ihò háàdì láìṣe wàhálà kankan. Bí ẹnìkan bá ki í bọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn, háàdì á dákẹ́ rọ́rọ́: kò ní yí, kò ní gbọ̀n, kò ní dún. Ìdákẹ́jẹ́ yìí dára ju kọ́-kọ́-kọ́ lọ. Wọ́n ti fi dáyóòdù kan sórí bọ́ọ̀dù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó kú dípò àwọn yòókù nígbà tí iná bá pọ̀ jù. Ẹ̀ńjínníà tó mọṣẹ́ á fi mítà dán an wò, á yọ ọ́, háàdì á sì lè jí padà láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe ojú àwo. Ohun tí kò yẹ kó ṣe ni pé kó tú bọ́ọ̀dù láti ara háàdì mìíràn tó jọ ọ́, kó kàn dè é mọ́ ọn. Lórí bọ́ọ̀dù háàdì òde òní ni ṣípù kan wà tí wọ́n kọ ìwọ̀n tó bá orí akàwé háàdì yẹn nìkan mu sí. Bọ́ọ̀dù tí a bá pààrọ̀ láìgbé ìwọ̀n yìí lọ sórí rẹ̀ á ṣi orí náà darí, háàdì tó dákẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká mú háàdì tí kò tíì kú tán, nítorí irú rẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn máa ń bàjẹ́ jù lọ. Ká ní ayàwòrán kan wà ní Ìbàdàn tó kó fọ́tò ìgbéyàwó ọdún mélòó kan sí háàdì tẹ́ráábáìtì kan. Fódà ti ń pẹ́ kó tó ṣí láti ọjọ́ díẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Windows kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé `You need to format the disk in drive E: before you can use it`, háàdì sì dún kọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dákẹ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò.

"Ẹ̀ńjínníà, ẹ dákun, gbogbo iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀."

"Àbúrò, ṣé ó já bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

"Rárá o, sà."

"O tẹ Format?"

"Mi ò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n sáré ṣe `chkdsk /f`."

"Má ṣe é. Ó dáa pé o ò tíì ṣe é."

Ẹ̀ńjínníà yẹn mọ ohun tó ń sọ. `chkdsk /f` kì í ka háàdì lásán. Ó máa ń tún àkọsílẹ̀ fáìlì ṣe, ó sì ń kọ ohun tuntun sójú àwo tí orí akàwé rẹ̀ kò dá lójú mọ́. Lórí háàdì tó yè kooro, ó wúlò. Lórí èyí tó ń kú lọ, ó lè sọ fódà tó ṣì wà di ohun tí a kò rí mọ́, ó sì ń fi wákàtí díẹ̀ tó kù fún orí náà ṣòfò. Windows fúnra rẹ̀ náà máa ń gbìyànjú láti ṣí gbogbo háàdì tí a bá fi sí i, kó wo fọ́tò, kó kọ àmì síbẹ̀. Nítorí náà, Linux orí fíláàṣì ni ẹ̀ńjínníà fi tan kọ̀ǹpútà, irú èyí tí kì í ṣí háàdì láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún un. Ó fi háàdì sí i, ó sì béèrè ohun tó wà níbẹ̀:

```
lsblk -o NAME,SIZE,MODEL
```

Ìdáhùn tó bá wá níbí ló ń pinnu gbogbo ohun tó kù. Bí háàdì tẹ́ráábáìtì kan bá jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, tí `SIZE` rẹ̀ sì jẹ́ `931.5G`, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ti ka ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀, orí akàwé ṣì ń ríran. Bí `0B` bá jáde, tàbí tí kò sí orúkọ tó ní làárí, ẹ̀ńjínníà gbọ́dọ̀ pa á níbẹ̀. Kò sí prógíráàmù tí a lè rà tàbí tí a lè wá lọ́fẹ̀ẹ́ tó lè ka fáìlì lára háàdì tí kò tíì lè sọ bó ṣe tóbi tó. Gbogbo prógíráàmù yẹn ń béèrè lọ́wọ́ háàdì ni. Wọn kò lè kọ́ ọ ní ohun tó ti gbàgbé.

Ti ayàwòrán wa jáde dáadáa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láti ibí ni kéèyàn ṣí fódà, kó máa wá ìgbéyàwó tó ṣe pàtàkì, kó máa fà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn á mú kí orí akàwé máa sáré sókè sódò, kí ó sì máa lu ibi tó bàjẹ́ kan náà léraléra. Ohun tó tọ́ ni kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo háàdì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó máa ka èyí tó rọrùn ṣáájú, kí ó fo èyí tó le, kí ó sì kọ ibi tó fò sílẹ̀. `ddrescue` ló ń ṣe èyí, ọ̀fẹ́ ni, Antonio Diaz Diaz ló kọ ọ́. Ẹ̀ńjínníà gbé háàdì tuntun tẹ́ráábáìtì méjì sílẹ̀, ó sì pàṣẹ pé:

```
ddrescue -n /dev/sdb /media/tuntun/foto.img /media/tuntun/foto.map
```

`/dev/sdb` ni háàdì tó ń ṣàìsàn, `foto.img` ni ẹ̀dà rẹ̀. `foto.map` ni ìwé tí `ddrescue` ń kọ ibi tó ti kà àti ibi tó fò sí, òun ló jẹ́ ká lè dá iṣẹ́ dúró kí a sì tún bẹ̀rẹ̀ láì tún ka ibi tí a ti kà. `-n` ń sọ fún un pé kó má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ibi tó bàjẹ́. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn `sdb` lẹ́ẹ̀mejì, nítorí lẹ́tà yẹn lè yí padà bí ẹ bá yọ háàdì tí ẹ tún fi í sí i.

Iye tí háàdì ń kà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni kí ẹ máa wò. Bó bá ń ka mẹ́gábáìtì 100, tẹ́ráábáìtì kan á parí kó tó pé wákàtí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 5, ó ju ọjọ́ méjì lọ. Ti ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sì ka èyí tó pọ̀ jù lọ láìṣe àṣìṣe. Nígbà tó dé apá kan, iyára já wálẹ̀. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ó dún kọ́, ó tún ń lọ. Ní ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dún kọ́-kọ́-kọ́ láìdákẹ́, orúkọ rẹ̀ sì pòórá nínú `lsblk`. Ẹ̀ńjínníà yọ wáyà.

Ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí wà níbí. Ìdá mẹ́ta tó kù jẹ́ nǹkan bí gígábáìtì 30, ó sì dà bíi pé ó ti kù díẹ̀. Ọwọ́ á fẹ́ fi háàdì náà padà, kí a fi `-r3` kún un, kó gbìyànjú ibi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó wà nínú gígábáìtì 30 yẹn, ohun tó sì wà níbẹ̀ hàn lára ẹ̀dà tí a ti ní. Ẹ̀ńjínníà fi TestDisk ṣí `foto.img`, ó kó gbogbo fódà tó rí jáde. Ó fi PhotoRec wá èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti sọnù. Èyí tó bàjẹ́ hàn kedere: fọ́tò tí ìdajì rẹ̀ di eérú, tàbí fáìlì tí kò ṣí. Àwọn fọ́tò náà wà nínú ìgbéyàwó méjì. Ẹbí kan ti gba tiwọn sórí fíláàṣì láti ọdún tó kọjá, ìpè kan ló sì dá a padà. Fídíò tí ayàwòrán kò nílò mọ́ ló kún èyí tó kù, àfi fọ́tò díẹ̀ láti inú ìgbéyàwó kejì.

Bó bá jẹ́ pé háàdì náà kò dún kọ́-kọ́, tó kàn ń lọ́ra, ó tọ́ kí ẹ̀ńjínníà fi `-d -r1` gbìyànjú ibi tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmọ́ háàdì tó ti pòórá lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú kọ́-kọ́-kọ́ ti sọ pé orí akàwé òun ti ń kú. Orí tó ń kú lè wó sójú àwo, bó bá sì wó, á ha ohun tín-ín-rín tó gba òòfà náà kúrò. Hóró tó ha kúrò á máa fò kiri nínú háàdì, á sì lu àwọn orí yòókù tó ṣì dára. Fọ́tò díẹ̀ kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ fi háàdì náà wewu. Wọ́n dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó kejì yẹn ṣe pàtàkì débi tí wọn kò lè fi í sílẹ̀, ìdúró náà ni ìdáhùn, kí wọ́n sì gbé háàdì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè pààrọ̀ orí akàwé.

Háàdì tó já bọ́ kò ní àǹfààní ti ayàwòrán yìí. Bó bá já bọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń dún kọ́-kọ́ láti ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ tún tan án, ẹ má tan án lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá ń dún bí irin tó ń ha irin, ẹ yọ wáyà kí ẹ tó parí gbólóhùn tí ẹ ń sọ, nítorí ojú àwo ló ń ha yẹn, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan sì ń gbé fáìlì lọ. Èyí tó ń ké pìì-pìì láìyí, orí rẹ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ àwo. Mọ́tò ló ń gbìyànjú tí kò lè yí. Ti irú èyí, àwo lè ṣì yè, ṣùgbọ́n ẹ má lù ú, ẹ má sì mì ín.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbé e sínú fíríìsà. Bí ohun tútù bá dé inú afẹ́fẹ́ wa tó lọ́rinrin, omi á sẹ̀ sí i lára. Ìrì náà lè sẹ̀ sójú àwo, orí akàwé á sì sáré bá a. Àwọn mìíràn á ṣí ìdérí rẹ̀ lórí tábìlì láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí nánómítà mélòó kan yẹn. Yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣí háàdì tí ẹnìkan ṣì fẹ́ gba nǹkan lára rẹ̀.

Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá háàdì mìíràn tó jẹ́ irú kan náà gan-an, wọ́n á yọ orí akàwé rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí ti yín. Wọ́n á fi ẹ̀rọ bíi PC-3000 bá háàdì sọ̀rọ̀ níbi tí kọ̀ǹpútà lásán kò lè dé, kí wọ́n sọ fún un pé kó pa orí tó kú, kó sì fi àwọn tó kù kà. Orí tuntun náà kì í pẹ́. Kó ṣáà gbé wa dé òpin ẹ̀dà kan ló wà fún. Bí àwo bá yè, ohun tí wọ́n lè gbà padà lè yani lẹ́nu. Nígbà tí ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Columbia tú ká lójú ọ̀run ní oṣù kejì ọdún 2003, wọ́n rí háàdì Seagate kan nínú àwọn àfọ́kù rẹ̀ ní Texas, iná ti jó ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Kroll Ontrack gba nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún dátà rẹ̀ padà, ìwádìí nípa gáàsì sẹ́nọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ sì jáde. Ojú àwo níbi tí dátà wà kò bàjẹ́, ìyẹn ló fi ṣeé ṣe.

Ìdí nìyẹn tí ojú àwo fi jẹ́ ibi tí gbogbo gbígbìyànjú parí sí. Bí ẹ bá gbé háàdì yín lọ, ẹ béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ bóyá wọ́n ní yàrá tí kò ní eruku tàbí wọ́n á fi ránṣẹ́ síbòmíràn, ẹ béèrè iye tí wọ́n á gbà bí wọn kò bá rí nǹkan kan, ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe sí i, títí kan fíríìsà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò àwo fún yín. Àwo tó yè máa ń dán bíi dígí láti etí dé etí. Bí ẹ bá rí òrùka tí orí ha yí po lójú gbogbo àwo, tí ìyẹ̀fun dúdú sì wà nínú háàdì, ohun tó gba òòfà ti kúrò níbẹ̀, fáìlì sì ti bá a lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Ìkẹjà, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà tó lè ka ibi tí kò sí mọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè ṣe é, ẹ má san owó fún un.